Láptọ́ọ̀pù méjì-nínú-ọ̀kan àti láptọ́ọ̀pù àtijọ́: èwo ló yẹ fún kíkọ nóòtì àti yíya àwòrán?

Bí àwọn ọmọ bá ti fẹ́ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìbéèrè kan ni àwọn òbí máa ń gbé wá sí ìsọ̀ àwa tí a ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: ṣé ká ra láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, tó sì ń yí padà di síléètì, àbí ká ra èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ń béèrè, pàápàá àwọn tó ń fi Yorùbá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Owó tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ló sì ń sanwó lé ohun tí kò ní í ṣiṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ là á yé yín, látorí bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò dórí ẹni tó yẹ kó rà á.

Oríṣi méjì ni méjì-nínú-ọ̀kan tó wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ po sẹ́yìn pátápátá títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ìdí kíbọ́ọ̀dù. Lenovo Yoga, tó jáde ní 2012, ló sọ irú yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. HP x360 náà wà nínú ìran yìí. Èkejì ni èyí tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń yọ kúrò, bíi Microsoft Surface Pro tó kọ́kọ́ jáde ní 2013. Nínú irú kejì yìí, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ àti bátìrì wà, kíbọ́ọ̀dù kàn rọ̀ mọ́ ọn ni. Tí ẹ bá gbé e lé orí itan nínú bọ́ọ̀sì tàbí ní gbọ̀ngàn ìpàdé tí kò sí tábìlì, ojú yẹn máa ń fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò ní wàhálà yẹn.

Ní ti ìmọ̀ràn náà, kì í ṣe tuntun rárá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti gbé kọ̀ǹpútà tí a ń fi gègé kọ̀wé sí lójú jáde. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé ó ti pọ̀ débi pé tòkunbọ̀ rẹ̀ ti kún ìsọ̀ Enẹrhẹn àti Ẹ̀fúrùn, gbogbo ẹni tó ń tà á ló sì ń sọ pé, "Tọ́ọ̀ṣì ni o, ẹ lè yàwòrán sí i." Níbi gbólóhùn yẹn gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe gègé

Ojú tó ń gbọ́ ìka kì í ṣe dandan kó gbọ́ gègé. Iná mànàmáná díẹ̀ báyìí ló tàn káàkiri abẹ́ gíláàsì ojú náà. Bí ìka yín bá kàn án, ara yín á fa díẹ̀ nínú iná yẹn, kọ̀ǹpútà á sì mọ ibi tí ìka wà. Gègé onírọ́bà tí wọ́n ń tà lójú títì, tí wọ́n máa ń fi ta ènìyàn lọ́rẹ nígbà mìíràn, kò ṣe ju kó máa ṣe bí ìka lọ. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ojú tó lè mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà ẹ ò lè fi kọ lẹ́tà kékeré. Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú náà bí a ṣe máa ń gbé e lé ìwé, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ èwo ni gègé, èwo ni ọwọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí ibi tí ẹ ò fẹ́.

Gègé tòótọ́ yàtọ̀. Ó ń bá ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́ gíláàsì sì ní ohun tó ń gbọ́ ọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbà tí gègé bá ti sún mọ́ ojú, kọ̀ǹpútà á pa ìfọwọ́kàn tì, ẹ lè sinmi ọwọ́ yín lé e. Ó tún mọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó: tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìlà á tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìlà á nípọn. Láìsí nǹkan méjì yìí, yíya àwòrán lórí láptọ́ọ̀pù kàn jẹ́ eré ọmọdé.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ má wo orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Nínú àwọn Yoga àti x360, àwọn kan ń gbọ́ gègé, àwọn mìíràn ò gbọ́ ju ìka lọ. Ẹ jẹ́ kí ó tan, kí ẹ wá ṣí "Settings", lẹ́yìn náà "System", lẹ́yìn náà "About". Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Pen and touch" sí. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni ẹ máa bá níbẹ̀:

"No pen or touch input is available for this display": láptọ́ọ̀pù lásán ni, tàbí kí ojú ìfọwọ́kàn rẹ̀ ti kú.

"Touch support with 10 touch points": ó ń gbọ́ ìka mẹ́wàá, àmọ́ kò gbọ́ gègé tòótọ́.

"Pen and touch support with 10 touch points": èyí lẹ ń wá.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní gègé lọ́wọ́, ẹ tún lè ṣe àyẹ̀wò tó yá ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé ẹnu gègé sókè ojú kọ̀ǹpútà, ó kù díẹ̀ kó kàn án. Bí gègé tòótọ́ bá ni, tí àwọn méjèèjì sì bára mu, àmì kékeré kan á yọ lójú, á máa tẹ̀ lé gègé yín láìtíì fara kàn án. Onírọ́bà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kíyè sí ọ̀rọ̀ "bára mu" tá a lò yẹn. Gbogbo gègé kọ́ ló ń bá gbogbo kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, bí kì í ti í ṣe gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ìdílé mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Wacom tí wọ́n ń pè ní EMR kì í lo bátìrì nínú gègé rárá. Surface Pro àkọ́kọ́ àti ìkejì lò ó. Ti Wacom kejì ni AES, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Lenovo àti Dell. Ẹ̀kẹta ni MPP ti Microsoft, tó wà nínú Surface láti Surface Pro 3 ti ọdún 2014 títí dòní, àti nínú ọ̀pọ̀ HP. Gègé EMR ò lè kọ lórí ojú AES, bẹ́ẹ̀ ni ti AES ò lè kọ lórí MPP, àyàfi gègé díẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe láti sọ èdè méjèèjì. Tòkunbọ̀ sì sábà máa ń dé láìsí gègé. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀, kí ẹ wádìí gègé tirẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á, kí ẹ fi iye yẹn kún owó láptọ́ọ̀pù kó tó di pé ẹ ná an. Ẹ tún béèrè bátìrì tí gègé ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo AAAA, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìsọ̀ ni ẹ ti máa rí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán ojú náà wò. Ẹ ṣí ibi tí a ti lè yàwòrán, bíi Krita tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí OneNote. Ẹ fa ìlà láti etí kan dé etí kejì, ní òró àti ní ìbú, kí ìlà náà sún mọ́ra. Bí ìlà bá ń já ní ibì kan náà nígbà gbogbo, ibẹ̀ ti kú, kò sì ní í sàn. Ẹ wá fi rúlà fa ìlà tó dagun, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ojú tó dáa á fà á tààrà. Èyí tí kò dáa á máa mì bí ìgbì omi. Nínú AES àti MPP, ìmìtìtì díẹ̀ kì í ṣàìsí, pàápàá nínú àwọn tó ti pẹ́. Akọ̀wé tó ń kọ nóòtì ò ní í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ayàwòrán á rí i lójoojúmọ́. Níkẹyìn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wo ojú náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ń tẹ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí nǹkan ń ṣí tí ń pa láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ dìde níbẹ̀.

Fún kíkọ nóòtì ńkọ́?

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ fẹ́ kọ, kíbọ́ọ̀dù yá ju gègé lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ohun tí a tẹ̀ sì rọrùn láti wá rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní ti èyí, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò kù síbì kankan. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tilẹ̀ sábà máa ń le, ó máa ń dúró dáadáa ju ti Surface lọ.

Àmọ́ ìyára kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 2014, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọwọ́ kọ nóòtì wé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sí láptọ́ọ̀pù. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń fọwọ́ kọ ọ́ sì ṣe dáadáa jù lórí ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ìwádìí náà ṣe, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2021, dída ọ̀rọ̀ kọ yẹn tún hàn, ṣùgbọ́n èrè nínú ìdánwò ò hàn kedere mọ́. Ìwé àti bírò ni wọ́n sì lò, kì í ṣe gègé lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí oníṣòwò kan bá sọ fún yín pé ọmọ yín á gba ipò kìíní nítorí gègé, ọjà ló ń tà.

Ibi tí gègé ti lérè gan-an ni nóòtì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ọmọ tó ń ṣe ìṣirò, kẹ́mísírì tàbí físíìsì ò lè fi kíbọ́ọ̀dù kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ bá a, nítorí àmì, ọfà àti àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Pẹ̀lú gègé, á kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú pátákó. Ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ náà, á kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá sì tún wà níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà, kó sì fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń lo gègé, á kàn kọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ yẹn, àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń pè é títí wọ́n á fi sọ ọ́ di lẹ́tà ìtẹ̀wé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà láti bá yín yí ìkọ̀wé ọwọ́ Yorùbá padà pẹ̀lú àmì rẹ̀ láì kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú ojú ìwé kan, nítorí "owó", "ọwọ́" àti "ọ̀wọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà ìtẹ̀wé lópin ọjọ́, ẹ ó tún jókòó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé bẹ́ẹ̀, kó ra láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kó kọ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Fún yíya àwòrán ńkọ́?

Oríṣi yíyà méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn ló sì ń gba òbí là lọ́wọ́ ìnáwó òfò. Yíyà àfọwọ́yà ni ti àwọn aránṣọ, àwọn tó ń ya ojú ènìyàn, àti àwọn tó ń ya ilé nígbà tó ṣì wà lọ́kàn. Èyí nílò gègé. Yíyà olówọ̀n ni ti àwọn ẹnjiníà: AutoCAD àti irú rẹ̀. Nínú ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ló ń fa ìlà. Ẹ̀ ń fi máòsì yan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì fi kíbọ́ọ̀dù tẹ gígùn rẹ̀. Gègé ò fi nǹkan kún un. Ohun tí AutoCAD ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tó lágbára, ìrántí tó pọ̀, ojú tó fẹ̀, àti kíbọ́ọ̀dù tó ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni iye owó kan náà ti sábà máa ń ra àwọn nǹkan wọ̀nyí jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ bàbá kan tó ní ọmọ méjì. Èyí ọkùnrin ti wọlé sí PTI ní Ẹ̀fúrùn, èyí obìnrin ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì fẹ́ máa ya ọ̀nà ìránṣọ fún àwọn oníbàárà kí ó tó gé aṣọ. Bàbá fẹ́ ra méjì-nínú-ọ̀kan fún àwọn méjèèjì kí wọ́n má bàa sọ pé ó ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọkùnrin ni ìròyìn títẹ̀ àti AutoCAD. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni kó rà fún un.

Ti ọmọbìnrin, wọ́n gbé mẹ́ta síwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń dán bí ẹyin, àmọ́ "Touch support with 10 touch points" ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dá a padà. Èkejì gbọ́ gègé, ṣùgbọ́n ìlà ń já ní ìbú ìka méjì sí etí ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aláràn-án-bàjẹ́ lè pè é ní "nǹkan díẹ̀", àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ aṣọ á máa bọ́ sí bó bá ń yàwòrán. Ẹ̀kẹta fa ìlà mọ́ra dé gbogbo etí, ó sì mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Wọ́n wá wo bátìrì rẹ̀. Nínú ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní "Command Prompt", wọ́n tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó tọ́jú ìròyìn náà sí. Nínú rẹ̀, wọ́n wo "DESIGN CAPACITY", ìyẹn agbára bátìrì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, àti "FULL CHARGE CAPACITY", ìyẹn èyí tó kù. Àkọ́kọ́ jẹ́ 45,000 mWh, èkejì jẹ́ 27,000 mWh. Tí a bá pín in, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Bó bá ń lo wákàtí méje nígbà tó jẹ́ tuntun, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ ló máa lò báyìí. Pẹ̀lú iná tiwa yìí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́. Wọ́n fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀, iye tó wálẹ̀ sì lọ fún gègé.

Ohun tó ń bàjẹ́

Méjì-nínú-ọ̀kan ní àìsàn tirẹ̀. Ìṣẹ́po ẹ̀yìn, tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ń pè ní íńjì, ló ń gba gbogbo ìyà, wáyà ojú sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣí i, ẹ pa á, ẹ yí i po pátápátá nígbà mẹ́ta. Bó bá ń dún, tí ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lanu, tàbí tí ojú ń ṣẹ́jú bó ti ń yí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti yí po tán, kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dákẹ́; bí kò bá dákẹ́, ìka yín lábẹ́ á máa tẹ ohun tí ẹ ò mọ̀.

Bí gíláàsì bá fọ́, ẹ mọ̀ pé ojú àti ohun tó ń gbọ́ gègé sábà máa ń lẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ ó ra méjèèjì papọ̀, ó sì máa ń gbówó lórí ju ojú láptọ́ọ̀pù lásán lọ dáadáa. Surface tún le sí i: gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ojú rẹ̀ pa, ṣíṣí rẹ̀ lásán lè fọ́ ọ, ìrántí inú rẹ̀ kò sì ṣeé fi kún. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, pàápàá ti ọ́fíìsì, ni ẹnjiníà tó jókòó sí ojú ọ̀nà lè tú, kó sì pààrọ̀ bátìrì, ojú tàbí ìrántí rẹ̀.

Ọ̀nà àárín

Fún ẹni tó ti ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kò di dandan kó tà á. Pátákó ìyàwòrán kan wà tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn. Wacom, Huion àti XP-Pen ń ṣe é. Gègé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí kì í lo bátìrì, ó mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, kékeré rẹ̀ ò sì wọ́n tó iye tó wà láàárín láptọ́ọ̀pù méjèèjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé orí pátákó ni ọwọ́ wà, ojú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀ ń wò. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ọwọ́ àti ojú tó mọra. Fún yíya àwòrán ní ilé, ó dáa púpọ̀. Fún nóòtì nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, kò rọrùn, nítorí àyè ò ní í gbà á.

Nítorí náà, ẹni tó ń tẹ̀wé àti ẹni tó ń ṣe AutoCAD, ẹ ra láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Ẹni tó ń ya àwòrán nílé tó sì ti ní láptọ́ọ̀pù, ẹ fi pátákó kún un. Ẹni tí nóòtì rẹ̀ kún fún ìṣirò, tàbí tó ń yàwòrán níwájú oníbàárà, ẹ ra méjì-nínú-ọ̀kan, bí "Pen and touch support" bá ti wà níbẹ̀, tí ẹ sì ti fi gègé fa ìlà dé gbogbo etí rẹ̀ lójú ara yín. Gègé tiyín ni kí ẹ mú lọ sí ìsọ̀ bí ẹ bá ní i, nítorí pé lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́, àlàyé ló kù.